Aago Páálí Onílẹ̀kùn Méjìlá: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É, Kí Ẹ sì Fi Kọ́ Ọmọ ní Aago Wíwò

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí àti olùkọ́ kì í yéé bi mí: "Ọmọ mi mọ aago mẹ́ta, ó mọ aago mẹ́ta ààbọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó wo aago ara ògiri lójijì, ohun tó máa ń sọ kì í bá ohun tó wà níbẹ̀ mu. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ jọ fi páálí ṣe aago, kí ẹ má sì tíì fi ọwọ́ gígùn sí i. Ara ọwọ́ kúkúrú ni ìṣòro náà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìṣẹ́jú ní márùn-ún márùn-ún kò tíì mọ ohun tí ọwọ́ kúkúrú ń sọ nígbà tí kò bá dúró lórí nọ́ńbà kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àárín nọ́ńbà méjì ló ń wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ àkókò.

Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ ni mo ní lọ́kàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé ọmọ náà dá nọ́ńbà 1 sí 12 mọ̀ bó bá rí i. Kíkà ní márùn-ún márùn-ún dé ọgọ́ta kò tíì pọn dandan lónìí, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò rẹ̀ ní ìpele kẹta.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Bébà A4 funfun kan fún ojú aago, àti mélòó kan sí i fún ìwé iṣẹ́
- Páálí tó le díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà
- Abọ́ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 20 sẹ̀ńtímítà, àti abọ́ kékeré tó fẹ̀ tó 13
- Sísọ́ọ̀sì, rúlà, pẹ́ńsù, gọ́ọ̀mù
- Máákà pupa àti búlúù
- Bọ́tìnnì méjì àti òwú tó nípọn, tàbí pínnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé
- Ìṣó kan tí àgbà máa fi lu ihò

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nínú ilé, ẹ má fi bọ́tìnnì àti pínnì sílẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n kéré tó ohun tí ọmọdé lè gbé mì.

## Ṣíṣe ojú aago

1. Ẹ da abọ́ ńlá dé orí bébà A4, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀ yí ká, kí ẹ sì gé e. Fífẹ̀ bébà náà jẹ́ 21 sẹ̀ńtímítà, nítorí náà abọ́ tó bá ju ìyẹn lọ kò ní gbà. Ẹ fi abọ́ kan náà ya ti páálí, kí ẹ gé òun náà.

2. Ẹ ṣẹ́ bébà róbótó náà po sí méjì, kí etí rẹ̀ bára mu.

3. Ẹ ṣẹ́ ìdajì tí ẹ ní lọ́wọ́ po sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ mú apá ọ̀tún wá sórí, kí ẹ fi apá òsì bò ó. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ títí ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dọ́gba, kí ẹ tó wá fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

4. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ po sí méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ wá ṣí gbogbo rẹ̀. Ìlà méjìlá ni ẹ máa rí tó ti àárín jáde lọ sí etí. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni àárín gbùngbùn aago yín, ẹ kò nílò láti wọn ún.

5. Ẹ fi rúlà àti pẹ́ńsù tọ àwọn ìlà náà kí wọ́n hàn. Ẹ wá fi máákà pupa kọ nọ́ńbà sí etí, lórí ìlà, kì í ṣe sí àárín ìlà méjì. Ẹ kọ 12 sókè, 6 sí ìsàlẹ̀, 3 sí ọ̀tún, 9 sí òsì, kí ẹ tó kọ méjì méjì sí àárín wọn. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti 1 kó máa kọ ọ́ lọ, kì í pẹ́ tí yóò fi fo ìlà kan, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì yẹ̀.

6. Ẹ fi abọ́ kékeré ya róbótó mìíràn sínú ti àkọ́kọ́. Ó yẹ kí nǹkan bí 3.5 sẹ̀ńtímítà wà láàárín ìlà rẹ̀ àti etí bébà yí ká, kí nọ́ńbà sì wà ní òde rẹ̀.

7. Láàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, ẹ gé bébà láti etí wọlé títí dé ìlà róbótó kékeré yẹn, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ lè fi ojú díwọ̀n ibi tí ẹ máa gé, kò léwu bí kò bá dọ́gba gan-an. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ nìyẹn.

8. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn bébà náà, nínú róbótó kékeré nìkan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Bí gọ́ọ̀mù bá dé abẹ́ ilẹ̀kùn, kò ní ṣí mọ́. Ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e títí yóò fi gbẹ.

9. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ fi máákà búlúù kọ ìṣẹ́jú sórí páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀: 5 lábẹ́ 1, 10 lábẹ́ 2, 15 lábẹ́ 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 55 lábẹ́ 11. Lábẹ́ 12, ẹ kọ 0. Àwọn kan máa ń kọ 60 síbẹ̀, kò sì burú, ṣùgbọ́n 0 ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ibẹ̀ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀.

10. Ẹ fi àwọ̀ tó fẹ́lẹ́ kun inú róbótó kékeré: láti ìlà 12 dé ìlà 1, ẹ kùn ún, láti ìlà 1 dé ìlà 2, ẹ fi í sílẹ̀, láti ìlà 2 dé ìlà 3, ẹ kùn ún. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ yí ká. Àyè méjìlá ni ẹ máa ní.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí gidigidi. Ilẹ̀kùn 3 wà ní ìhà méjèèjì ìlà 3, ṣùgbọ́n àyè aago mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ láti *orí* ìlà 3, ó sì parí sí ìlà 4. Bí ẹ bá fi àwọ̀ kun ilẹ̀kùn dípò àyè, ọmọ yóò rò pé kí ọwọ́ kúkúrú tó dé 3 rárá ni aago mẹ́ta ti lù. Mo ti rí aago ọmọdé tí wọ́n rà ní ọjà tí wọ́n kùn lọ́nà yẹn.

## Àwọn ọwọ́ aago

Ẹ gé ọwọ́ méjì láti ara páálí. Ọwọ́ kúkúrú gùn ní 3.5 sẹ̀ńtímítà láti ojú ihò dé ṣóńṣó, kí ó sanra díẹ̀, kí ẹ sì kùn ún ní pupa bíi ti nọ́ńbà òde. Ọwọ́ gígùn jẹ́ 6 sẹ̀ńtímítà, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kùn ún ní búlúù bíi ti ìṣẹ́jú tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan sílẹ̀ lẹ́yìn ihò kó má bàa ya. Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ gígùn dé orí ilẹ̀kùn, torí bó bá tẹ ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀, ọmọ kò ní lè ṣí i.

Àgbà ni kó fi ìṣó lu ihò náà. Ẹ gbé páálí sórí pákó tàbí fóòmù, kì í ṣe sórí itan.

Ẹ ki òwú bọ inú bọ́tìnnì kan, kí ó gba inú ọwọ́ gígùn, ọwọ́ kúkúrú, àti ojú aago kọjá sẹ́yìn, kí ẹ so ó mọ́ bọ́tìnnì kejì níbẹ̀. Ẹ fi páálí róbótó kékeré kan sí àárín ọwọ́ méjèèjì, kí ọ̀kan má bàa máa wọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì so ó pa. Ọwọ́ kúkúrú nìkan ni a máa kọ́kọ́ lò, nítorí náà ẹ so òun nìkan fún ìsinsìnyí, kí ẹ fi ọwọ́ gígùn pamọ́.

Kí ẹ tó gbé e fún ọmọ:

- Ṣé gbogbo ilẹ̀kùn ló ń ṣí?
- Bí ẹ bá gbé aago náà dúró, tí ẹ yí ọwọ́ sí 9, ṣé ó dúró síbẹ̀? Bó bá já wálẹ̀ sí 6, ẹ fa òwú náà le sí i.
- Ṣé 12 àti 6 wà ní ọ̀kánkán ara wọn, tí 3 àti 9 náà sì wà bẹ́ẹ̀?

## Ìpele kìíní: ọwọ́ kúkúrú nìkan

Ẹ yí ọwọ́ kúkúrú sórí ìlà 3 gan-an. "Aago mẹ́ta géérégé nìyí." Ẹ wá sún un síwájú díẹ̀ nínú àyè náà, kí ẹ bi ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: àyè aago mélòó ni ọwọ́ yìí wà? Bó ṣe máa ń lọ nìyí:

"Ó ti kúrò lórí mẹ́ta, Mọ́mì."

"Ó ti kúrò lórí ìlà. Àyè wo ló wà?"

"Ti mẹ́ta."

"Ṣé ó ti dé ìlà mẹ́rin?"

"Rárá o, kò tíì dé ibẹ̀."

"Aago mẹ́ta ló ṣì jẹ́ nígbà náà."

Ẹ máa sún un lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kù bí irun kó dé 4, kí ẹ máa bi í ní ìbéèrè kan náà. Títí tó fi máa kan ìlà 4, ti aago mẹ́ta ni. Ìgbà tó bá gbà pé aago mẹ́ta ni bó tilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 4, ohun tó ṣòro jù nínú aago wíwò ti yé e nìyẹn.

Ẹ wá fún un ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó máa fi dáhùn: *aago mẹ́ta géérégé* bó bá wà lórí ìlà, *aago mẹ́ta kọjá díẹ̀* bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, *aago mẹ́ta ààbọ̀* bó bá wà ní agbedeméjì àyè, *aago mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù* bó bá kù díẹ̀ kó dé ìlà 4. Ọmọ tó bá lè sọ èyí fún ibikíbi tí ẹ bá yí ọwọ́ náà sí ti lè wo aago láìsí ọwọ́ gígùn. Kò ní mọ ìṣẹ́jú gan-an, ṣùgbọ́n kò ní ṣì wákàtí.

Ẹ ka ọ̀tún àti òsì aago sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìdánwò yín. Láti 12 dé 6, ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Láti 6 padà sí 12, ó ń gòkè. Ọmọ púpọ̀ tó gba àyè 2 àti 3 dáadáa ló máa ń yí i po ní àyè 8 àti 9, torí wọ́n rò pé ohun tó wà lápá ọ̀tún ni "iwájú" nígbà gbogbo. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ ní kó fi ìka tọ etí aago láti 12 yí ká, kó máa pe nọ́ńbà bó ṣe ń lọ.

## Ìpele kejì: ọwọ́ gígùn wọlé

Kí ẹ tó so ọwọ́ gígùn mọ́ ti páálí, ẹ wá aago ara ògiri kan, ì báà jẹ́ èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, kọ́bọ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń tún àkókò ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa yí i, kó sì máa wo iwájú. Yóò rí i pé bí ọwọ́ gígùn bá yí ká lẹ́ẹ̀kan láti 12 padà sí 12, ọwọ́ kúkúrú kàn sún láti nọ́ńbà kan sí èkejì ni.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe èyí ni pé aago páálí kò ní ẹ̀rọ nínú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò mọ ara wọn. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe aago mẹ́ta ààbọ̀, yóò yí ọwọ́ gígùn sí 6, yóò sì fi ọwọ́ kúkúrú sílẹ̀ lórí 3 gan-an. Kò sí aago gidi tó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di òfin láti ọjọ́ tí ẹ bá so ọwọ́ gígùn mọ́ ọn: bí a bá sún ọ̀kan, a óò sún èkejì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi méjì péré. Bí ọwọ́ gígùn bá wà lórí 12, ọwọ́ kúkúrú gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà. Bí ó bá wà lórí 6, ọwọ́ kúkúrú gbọ́dọ̀ wà ní agbedeméjì àyè. Ẹ máa ṣe aago tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà fún un, kó máa sọ èyí tó jẹ́ irọ́. Àwọn ọmọ fẹ́ràn apá yìí gan-an.

## Ìpele kẹta: ṣíṣí ilẹ̀kùn

Ọwọ́ kúkúrú la máa ń kọ́kọ́ kà, nígbà gbogbo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ yóò ṣí ilẹ̀kùn tí ọwọ́ gígùn kọjú sí. Bí àpẹẹrẹ, ọwọ́ kúkúrú wà ní àyè aago méje, ọwọ́ gígùn kọjú sí 4. Ọmọ á ní, "Aago méje." Yóò ṣí ilẹ̀kùn 4, yóò rí 20. "Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú."

Ìgbà tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ ní kó sọ iye ìṣẹ́jú náà *kí ó tó* ṣí ilẹ̀kùn, kó wá ṣí i láti mọ̀ bóyá ó gbà á. Láìpẹ́, yóò máa dáhùn láìṣí nǹkan kan. Bó bá há sí 35, 45 tàbí 55, a jẹ́ pé òǹkà ló ń dí i lọ́wọ́, kì í ṣe aago. Ẹ jọ kà á sókè yí aago ká: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, márùndínlógójì, ogójì, márùndínláàádọ́ta, àádọ́ta, márùndínlọ́gọ́ta. Bó bá jẹ́ pé èdè ilé-ìwé ló fi mọ òǹkà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ìyẹn kà á, kó wá fi Yorùbá sọ wákàtí.

Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló kẹ́yìn. Ẹ fi báírò fa ìlà kéékèèké mẹ́rin sí àárín nọ́ńbà méjì, sí etí róbótó inú níbi tí ọwọ́ gígùn dé. Láti ka 7:23, ọmọ yóò dúró lórí ilẹ̀kùn 4, yóò ní ogún, yóò sì fi ìlà kéékèèké mẹ́ta kún un.

## Ìwé iṣẹ́

Ẹ má ṣe ya ojú aago méjìlá sí ojú bébà kan. Mẹ́fà ti tó, kí wọ́n tóbi tó ibi tí ọmọ lè fa ọwọ́ sí. Ẹ fi ìdérí agolo tó fẹ̀ tó 7 sẹ̀ńtímítà ya róbótó méjì ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Láti rí ibi tí nọ́ńbà máa wà, ẹ gé bébà kékeré kan tó tó ìdérí náà, kí ẹ ṣẹ́ ẹ bí ẹ ti ṣe ojú aago, kí ẹ sì máa gbé e lé orí róbótó kọ̀ọ̀kan láti fi sàmì. Bí ẹ bá ti ya ọ̀kan dáadáa láìsí ọwọ́, ẹ lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kí ẹ máa fa ọwọ́ sí i bí ẹ bá ṣe fẹ́.

Ìwé kìíní, ọwọ́ kúkúrú nìkan. Ẹ fà á sí: orí 3, agbedeméjì 7 àti 8, kété lẹ́yìn 10, kété kí ó tó dé 2, kété lẹ́yìn 12, kété kí ó tó dé 9. Ọmọ yóò kọ nọ́ńbà àyè tó wà. Ìdáhùn rẹ̀ ni 3, 7, 10, 1, 12, 8. Bó bá kọ 2 àti 9 fún ìkẹrin àti ìkẹfà, ẹ padà sí ìpele kìíní.

Ìwé kejì. 4:00, 4:30, 8:30, 11:00, 12:30, 1:30. Ẹ máa wo 12:30 dáadáa. Ọmọ tó kọ 1:30 síbẹ̀ kò tíì mọ̀ pé àyè 12 ló ṣáájú àyè 1.

Ìwé kẹta. 2:20, 7:05, 9:40, 10:15, 5:50, 12:25. Ẹ ṣọ́ra fún àkókò tí ọwọ́ méjèèjì ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ bora, bíi 1:05, 2:10, 3:15 tàbí 4:20. Wọn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń da ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú.

Ìwé kẹrin. Ẹ kọ àkókò sábẹ́, kí ọmọ fa ọwọ́ fúnra rẹ̀: 6:00, 6:30, 3:50, 4:50, 8:10, 10:45. Èyí ló máa fi ohun tó yé e hàn jù. Ẹnikẹ́ni lè méfò lórí aago tí a ti yà, ṣùgbọ́n ọmọ tó fa ọwọ́ kúkúrú sórí 10 gan-an fún 10:45 ti sọ ohun tí kò yé e fún yín.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń fa ọwọ́ kúkúrú, ẹ pín àyè sí mẹ́fà lọ́kàn yín. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́fà àyè náà. Ní 2:20, ó ti lọ sí ìdámẹ́ta láàárín 2 àti 3. Ní 9:40, ó ti rin ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ń tà ló máa ń fi ọwọ́ kúkúrú sórí nọ́ńbà láìka ìṣẹ́jú sí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó rà á.

## 3:50 tó di 4:50

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ yín wo 3:50, ó sì kọ 4:50. Ìṣẹ́jú rẹ̀ tọ̀nà, òǹkà rẹ̀ dára. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ nọ́ńbà tí ọwọ́ kúkúrú sún mọ́ jù, ọwọ́ náà sì ti rin ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà àyè mẹ́ta, 4 ló wá sún mọ́. Ẹ má kàn sọ fún un pé "kò gbà". Ẹ ṣe èyí:

1. Ẹ fi ọwọ́ bo ọwọ́ gígùn. Ẹ bi í pé àyè wo ni ọwọ́ kúkúrú wà, ṣé ó ti kan ìlà 4.
2. Ẹ yí aago páálí sí 3:00. Ẹ jọ sún ọwọ́ méjèèjì lọ díẹ̀díẹ̀: 3:10, 3:20, títí dé 3:50. Kó máa sọ àkókò bí ẹ ti ń lọ. Kò sí ibi tí yóò ti ráyè yí sí mẹ́rin.
3. Ẹ dúró ní 3:50, kí ẹ bi í pé, "Ọwọ́ gígùn ti padà dé 12 bí?" Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, aago mẹ́rin kò tíì lù.
4. Ẹ wá yí i sí 4:50, kí ó wo ibi tí ọwọ́ kúkúrú wà báyìí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 5. Ẹ fi 3:50 àti 4:50 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí bébà, kó fi ìyàtọ̀ wọn hàn yín.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ fún un ní 7:55 àti 11:50 láìsọ nǹkan kan. Bó bá gbà wọ́n, ó ti yé e.

## Bí ọmọ bá ń ṣi ọwọ́ méjèèjì mú

Èyí yàtọ̀ sí ti òkè yìí, àtúnṣe rẹ̀ sì yàtọ̀. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi 3:00 hàn án. Ọmọ tó ń ṣi ọwọ́ mú á ní 12:15, torí ó ka ọwọ́ gígùn tó wà lórí 12 sí ti wákàtí. Ẹ dá a padà sí àwọ̀: ọwọ́ pupa ń bá nọ́ńbà pupa sọ̀rọ̀, ọwọ́ búlúù ń bá nọ́ńbà búlúù. Bó bá ń gbà á lórí páálí, tó sì ń ṣì í lórí aago ògiri tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú, ẹ lẹ ègé bébà pupa kékeré mọ́ gíláàsì aago náà fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú àkọlé pé "kúkúrú ṣáájú".

Ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kẹta tó ń sáré lórí aago ògiri ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ sọ fún ọmọ pé kó má wò ó.

## Bí ohun èlò kò bá tó, tàbí tí ọmọ bá pọ̀

Nínú kíláàsì tó kún, ọmọ méjì lè lo aago kan: ọ̀kan ń yí i, èkejì ń kà á, wọ́n ń pààrọ̀. Bí sísọ́ọ̀sì kò bá tó, kí olùkọ́ gé ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti ilé. Bí kò bá sí gọ́ọ̀mù àti páálí rárá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya aago ńlá sí ilẹ̀ ní ìta, kí ẹ lo igi gígùn àti igi kúkúrú fún ọwọ́. Ẹ kọ ìṣẹ́jú sí òde nọ́ńbà, kí ẹ fi ewé tàbí bébà bò ó dípò ilẹ̀kùn.

Ẹ má fi aago tó ní nọ́ńbà Róòmù tàbí èyí tí kò ní nọ́ńbà rárá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago onínọ́ńbà Róòmù máa ń kọ 4 ní IIII dípò IV, ìyẹn nìkan tó láti da ọmọ rú.

## "Ku" ló kẹ́yìn

Nínú ilé, a máa ń sọ pé "aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá", ọmọ sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ẹ má kọ́ ọ ní èyí títí *kọjá* yóò fi dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá kọ́ ọ ní méjèèjì pọ̀, àṣìṣe 3:50 tí ẹ ti tún ṣe yóò padà wá, torí pé mẹ́rin ni ẹnu ń pè, mẹ́ta sì ni àyè tí ọwọ́ kúkúrú wà.

Nígbà tó bá tó àkókò, ẹ mú bébà kékeré mẹ́fà, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ òde aago páálí láti 6 sí 11. Ẹ kọ 5 sí ẹ̀gbẹ́ 11, 10 sí ẹ̀gbẹ́ 10, 15 sí ẹ̀gbẹ́ 9, 20 sí ẹ̀gbẹ́ 8, 25 sí ẹ̀gbẹ́ 7. Ti 6 kò nílò nǹkan kan ju "ààbọ̀" lọ. Ìbéèrè ọmọ yóò wá di méjì: ìlà wo ni ọwọ́ kúkúrú ń lọ bá, ìṣẹ́jú mélòó ló kù fún ọwọ́ gígùn kó tó dé 12? Ẹ jẹ́ kó sọ àkókò kan ní ọ̀nà méjèèjì lójú kan náà, "aago mẹ́ta kọjá àádọ́ta ìṣẹ́jú, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá", kí ẹ sì máa yan àkókò tó wà láàárín 35 àti 55 nìkan fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.